Orí Kẹfà: Kíka Ọjọ́ Oṣù Lára Ilé Ẹyin àti Awọ Inú Ilé-Ọmọ

Bí wọ́n bá gbé síláìdì kan ka iwájú yín nínú yàrá ìdánwò, tí wọ́n ní kí ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n gé awọ inú ilé-ọmọ yìí nínú oṣù obìnrin náà, ẹ má wo ojú olùkọ́. Ìdáhùn wà lára síláìdì. Awọ yìí ń wó, ó sì ń tún ara rẹ̀ kọ́ ní oṣooṣù, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní àmì tó ń fi sílẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ilé-ọmọ kì í dá ṣe é. Ilé ẹyin ló ń pàṣẹ fún un, nípa họ́mọ́nù méjì tó ń rán sínú ẹ̀jẹ̀: ẹ́sítírójìn àti projẹ́sítírónì. Nítorí náà ilé ẹyin la ó kọ́kọ́ wò.

A kọ orí yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n ń múra àtikọjá sí apá Rẹ́mọ, sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìlera Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ. Ìkìlọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ẹ tó fojú kan lẹ́ǹsì. Ọ̀pọ̀ síláìdì ilé ẹyin tó wà ní àwọn yàrá ẹ̀kọ́ wa kì í ṣe ti ènìyàn. Ti eku funfun ni, tàbí ti ewúrẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ alápatà. Eku máa ń tú ẹyin púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún síra, ara ìyeyè tí a ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níwájú sì lè kún ilé ẹyin rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ má ṣe rí èyí kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ti obìnrin ṣe rí. Ti ewúrẹ́ dára fún kíkọ́ fọ́líkù, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kì í ṣe nǹkan oṣù, nítorí náà ilé-ọmọ rẹ̀ kò lè kọ́ yín ní ohun tó wà ní apá kejì orí yìí.

Fọ́líkù láti ìpìlẹ̀ dé ìjáde ẹyin

Ilé ẹyin àgbàlagbà obìnrin gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ fi lẹ́ǹsì kékeré wò ó ná. Lójú rẹ̀ lóde, ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bò ó, awọ funfun líle sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn awọ funfun yìí lẹ ó dé èèpo ilé ẹyin, níbi tí gbogbo fọ́líkù wà. Àárín gbùngbùn jẹ́ ọ̀nà àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá. Kò sí fọ́líkù níbẹ̀, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò.

Fọ́líkù ni ẹyin kan pẹ̀lú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká. Èyí tó kéré jù, fọ́líkù ìpìlẹ̀, wà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ lábẹ́ awọ funfun. Ẹyin inú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi máíkírómítà 30, sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ìpele kan ló sì yí i ká. Ẹyin yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin náà, ó sì dá dúró láàárín pípín. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún kí ó tó tẹ̀síwájú. Nínú oyún tó tó ọ̀sẹ̀ 20, ọmọbìnrin ní bíi mílíọ̀nù mẹ́fà sí méje ẹyin. Nígbà tí wọ́n bá bí i, ó ku bíi mílíọ̀nù kan sí méjì. Nígbà tó bá kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, ó ku bíi 300,000 sí 400,000. Nínú gbogbo wọn, nǹkan bí 400 péré ni yóò jáde láyé rẹ̀. Ikú ló pọ̀ jù nínú ilé ẹyin, ẹ ó sì rí àmì rẹ̀ lórí síláìdì yín ju bí ẹ ó ti rí fọ́líkù tó ń gbilẹ̀ lọ.

Nígbà tí fọ́líkù ìpìlẹ̀ bá jí, sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó yí i ká á ga sókè, á sì di kúkúrú onígun mẹ́rin. Ó ti di fọ́líkù ìpele kìíní nìyẹn. Awọ kan tó ń dán, tó sì gba àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, bẹ̀rẹ̀ sí í hàn yí ẹyin ká: sónà pẹlúsídà ni wọ́n ń pè é. Sẹ́ẹ̀lì náà ń pín, ìpele kan ń di méjì, méjì ń di mẹ́ta, a sì ń pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì gíránúlósà. Lóde wọn, ẹran èèpo ilé ẹyin tò yí fọ́líkù ká, ó di tíkà, èyí tó ní apá ti inú àti ti òde.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi tíkà àti gíránúlósà yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ìlà tínrín kan là wọ́n láàárín. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kún tíkà ti inú, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò rékọjá ìlà náà bọ́ sínú gíránúlósà. Tíkà ń rí ohun èlò gbà láti inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń fi í ṣe họ́mọ́nù irú èyí tó pọ̀ lára ọkùnrin. Gíránúlósà tí kò ní ẹ̀jẹ̀ nítòsí ń gba họ́mọ́nù yìí lọ́wọ́ tíkà, ó ń sọ ọ́ di ẹ́sítírójìn. Kò sí èyí tó lè dá ẹ́sítírójìn tó oṣù kan ṣe nínú àwọn méjèèjì. Láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ẹ̀yà pìtúítárì ń rán họ́mọ́nù méjì sí wọn, èyí tí ẹ ó rí lórí ìwé àyẹ̀wò gẹ́gẹ́ bíi LH àti FSH. LH ń bá tíkà ṣiṣẹ́. FSH ń bá gíránúlósà.

Nígbà tí fọ́líkù bá fẹ̀ tó bíi mìlímítà 0.2, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dá jọ láàárín sẹ́ẹ̀lì gíránúlósà rẹ̀. Àwọn adágún kéékèèké yìí á pa pọ̀ di ọ̀kan, fọ́líkù ìpele kejì sì nìyẹn. Bó ṣe ń tóbi, omi náà ń ti ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ kan, lórí òkìtì kékeré tí sẹ́ẹ̀lì gíránúlósà mọ fún un. Èyí tó dàgbà tán ni fọ́líkù Gíráàfù, tí wọ́n fi orúkọ Régníà dè Gíráàfù, ará Họ́láńdì tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1672, sọrí. Ó lè fẹ̀ tó mìlímítà 18 sí 25, tí yóò fi máa ta jáde lójú ilé ẹyin. Dè Gíráàfù fúnra rẹ̀ rò pé gbogbo fọ́líkù náà ni ẹyin. Ọdún 1827 ni fọn Bẹ́ẹ̀ tó rí ẹyin gan-an nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbà ní òdì. Wọ́n rò pé fọ́líkù tó tú ẹyin sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí tíkà bá ti gbára jọ tán títí di ìjáde ẹyin, ìrìn náà ń gba nǹkan bí ọjọ́ 85, oṣù mẹ́ta ó dín díẹ̀. Iṣẹ́ inú oṣù yẹn ni yíyàn: àwọn tó ti dé mìlímítà méjì sí márùn-ún lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ ni FSH ń gbé dìde, ọ̀kan nínú wọn yóò gba iwájú láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ́sítírójìn rẹ̀ yóò sì mú FSH lọ sílẹ̀, ebi yóò sì pa àwọn tó kù. Nítorí náà bí ẹ bá gé ilé ẹyin ní ọjọ́ èyíkéyìí, ẹ ó bá gbogbo ìpele fọ́líkù níbẹ̀. Ìwọ̀n fọ́líkù tó tóbi jù, àti bí ara ìyeyè bá wà tàbí kò sí, nìkan ló lè sọ ọjọ́ fún yín.

Fọ́líkù tó kú ń fi ara hàn. Kókó sẹ́ẹ̀lì gíránúlósà rẹ̀ á súnkì, á dúdú, sẹ́ẹ̀lì á máa já bọ́ sínú omi. Ẹyin á parẹ́, sónà pẹlúsídà á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwúnjọ lára. Ìlà tínrín tó wà láàárín tíkà àti gíránúlósà á nípọn, á sì dán.

Àwọn kan máa ń pe fọ́líkù ńlá ní òkú kìkì nítorí pé wọn kò rí ẹyin nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. A máa ń gé ẹran sí ìwé tínrín máíkírómítà 5. Fọ́líkù tó fẹ̀ ní mìlímítà 20, ìyẹn máíkírómítà 20,000, yóò fún wa ní ìwé 4,000. Ẹyin inú rẹ̀ fẹ̀ tó bíi máíkírómítà 120, nítorí náà inú ìwé 24 péré ni yóò ti hàn. Ẹni tó mú ìwé kan ṣoṣo nínú 4,000 kò gbọ́dọ̀ retí pé òun yóò bá a. Fọ́líkù ìpìlẹ̀ yàtọ̀: ẹyin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un tán, kò sì rọrùn láti gé e kí ẹ má kàn án. Ipò sẹ́ẹ̀lì gíránúlósà ni kí ẹ fi dájọ́ ikú, ẹ má fi àìrí ẹyin dá a.

Nígbà tí ẹ́sítírójìn bá pọ̀ tó, tó sì pẹ́ tó, pìtúítárì á tú LH púpọ̀ jáde lójijì. Nǹkan bíi wákàtí 34 sí 36 lẹ́yìn tí LH bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, fọ́líkù á bẹ́, ẹyin á jáde. Ògiri fọ́líkù tó kù á wó pọ̀, ìlà tínrín nì á fọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á wọ inú gíránúlósà fún ìgbà àkọ́kọ́. Sẹ́ẹ̀lì náà á wú, á fẹ̀ tó máíkírómítà 30, ọ̀rá á kún inú rẹ̀. Ara ìyeyè nìyí. Lórí síláìdì kò ní pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nítorí oògùn tí a fi ń mú omi kúrò lára ẹran ti fọ ọ̀rá náà lọ. Sẹ́ẹ̀lì ńlá tó mọ́ fúlefúle lẹ ó rí, àwọn kéékèèké tó dúdú jù wọ́n lọ, tó wá láti tíkà, á sì wà ní etí. Projẹ́sítírónì ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí oyún kò bá dúró, á wà fún bí ọjọ́ 14, á wá gbẹ, á di àpá funfun.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbejì kàn wá. Láàárín ọdún 1960 sí 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pásì Náíláńdà ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí ìbejì láàárín àwa Yorùbá, pàápàá ní Ìgbó-Ọrà, níbi tí wọ́n ti ń bí ìbejì tó bíi 45 nínú ìbímọ 1,000. Ó wọn FSH nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin, ó sì rí i pé ó ga jù lára àwọn tó ti bí ìbejì ju lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹ rántí ebi tí FSH tó lọ sílẹ̀ ń fi pa fọ́líkù yòókù. Bí FSH kò bá lọ sílẹ̀ tó, fọ́líkù kejì lè bá ti àkọ́kọ́ dàgbà, ara ìyeyè méjì á sì wà lóṣù yẹn. Àwọn kan ní àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa ló ń fà á. Kò tíì sí ẹni tó fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀.

Awọ inú ilé-ọmọ

Awọ yìí ní ìpele méjì. Ti ìsàlẹ̀ jókòó lé iṣan ògiri ilé-ọmọ, kì í bá nǹkan oṣù lọ. Ti òkè ló ń dàgbà, òun náà ló sì ń wó. Ohun mẹ́ta lẹ ó máa wò nínú ti òkè: àwọn ihò oje tó ń ti ojú awọ wọlé lọ sí ìsàlẹ̀, ẹran àárín tó wà láàárín ihò sí ihò, àti àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ́.

Láti bí ọjọ́ karùn-ún sí ọjọ́ 14, ẹ́sítírójìn ló wà lórí oyè. Awọ tó kù bíi mìlímítà kan lẹ́yìn nǹkan oṣù ń nípọn sí i. Ihò oje gùn tààrà, ó tóóró, kókó sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gùn, wọ́n sì tò lé ara wọn ní gíga àti ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí sẹ́ẹ̀lì tó ń pín lọ́wọ́, nínú ihò àti nínú ẹran àárín. Kò sí oje. Ìgbà ìdàgbà nìyí, àmì rẹ̀ kò sì ṣeé pín sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè sọ pé ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, àárín tàbí ìparí rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìjáde ẹyin ni kíka ọjọ́ tó dájú bẹ̀rẹ̀. Ní 1950, Nọ́yésì, Hẹ́tígì àti Rọ́ọ̀kì tẹ ìlànà kan jáde ní Amẹ́ríkà, ìlànà náà la sì ṣì ń lò. Wọ́n gbà pé oṣù jẹ́ ọjọ́ 28, ẹyin sì jáde ní ọjọ́ 14. Ní ọjọ́ 16, àyè funfun kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú sẹ́ẹ̀lì ihò, lábẹ́ kókó rẹ̀. Ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì kó pamọ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi àti oògùn tí a fi tọ́jú ẹran ló fọ̀ ọ́ lọ. Ní ọjọ́ 17, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ti ní àyè yìí, wọ́n ti gbé kókó sókè, kókó sì tò sí ìlà kan ṣoṣo. Kò sí àmì mìíràn nínú orí yìí tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti dá mọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 18, àyè náà ń kọjá sí òkè kókó, kókó padà sísàlẹ̀, oje sì ń dà sínú ihò. Ó kún jù ní ọjọ́ 20 sí 21. Ní ọjọ́ 22, omi wọ ẹran àárín débi pé kókó sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jìnnà síra.

Láti ọjọ́ 23 ẹ fi ihò sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé iṣan ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó yí wọn ká ń wú, ó ń mọ́lẹ̀, ó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ní ọjọ́ 25 irú wọn ti wà lábẹ́ ojú awọ, ní ọjọ́ 27 wọ́n ti so pọ̀ di pátákó kan. Ihò oje ní àsìkò yìí ti wọ́, etí rẹ̀ sì rí bí eyín ayùn. Awọ náà ti nípọn tó mìlímítà márùn-ún sí méje.

Nígbà tí ara ìyeyè bá gbẹ, projẹ́sítírónì á já. Ní 1940, Mákì gbin awọ inú ilé-ọmọ ọ̀bọ sínú ojú ọ̀bọ, níbi tí ó ti lè máa wò ó láàyè. Ó rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ń lọ́ sí i bí awọ ti ń fẹ́lẹ́, ó sì ń pa ara rẹ̀ pọ̀ ní wákàtí mẹ́rin sí 24 kí ẹ̀jẹ̀ tó dà. Ebi ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ pa awọ náà kí ó tó wó. Lórí síláìdì ọjọ́ kìíní, ẹ ó bá ẹran àárín tó ti ṣù jọ kúlúkúlú, ihò tó ti ya, ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ láàárín wọn.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ wo ọ̀ràn obìnrin kan tí a kọ fún ìdánrawò. Ó ń wá ọmọ, dókítà sì gé awọ díẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù rẹ̀. Lábẹ́ lẹ́ǹsì, ihò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àyè funfun wà lábẹ́ kókó gbogbo sẹ́ẹ̀lì, kókó tò ní ìlà kan. Kò sí oje nínú ihò, ẹran àárín kò sì ní omi. Ọjọ́ 17 ni síláìdì kà, ọjọ́ 24 ni káléńdà kà. Ọjọ́ méje ló fi yàtọ̀.

Ẹni tó bá yára yóò kọ ọ́ pé awọ náà ń lọ́ra. Kí ẹ tó kọ bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè bí oṣù rẹ̀ ti gùn tó. Ó ní ọjọ́ 35 ni. Apá tó ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan sí èkejì sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà ìdàgbà. Ara ìyeyè ń lo bíi ọjọ́ 14 tirẹ̀. Ẹ yọ 14 kúrò nínú 35: ọjọ́ 21 ni ẹyin jáde. Ọjọ́ 24 jẹ́ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 17 nínú ìlànà Nọ́yésì sì jẹ́ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọjọ́ 14. Wọ́n bára mu. Awọ náà kò ṣàìsàn, ó sì jẹ́rìí pé ẹyin jáde lóṣù yẹn.

Ká ní ohun tí ẹ rí ní ọjọ́ 24 jẹ́ ihò tààrà pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tó ń pín, tí kò sí àyè funfun rárá, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀: ó ṣeé ṣe kí ẹyin má tíì jáde, tàbí kí ó má jáde rárá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí wọ́n ti gé e. Ìpele ìsàlẹ̀ àti apá tó sún mọ́ ọrùn ilé-ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti projẹ́sítírónì, ẹni tó bá sì ka ọjọ́ lára wọn yóò parọ́ mọ́ obìnrin náà. Níbi tí ìka bá ti yàtọ̀ lára síláìdì kan náà, apá tó lọ síwájú jù la ń kọ.

Ooru tiwa náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹran tí wọ́n gé, tí wọn kò tètè fi sínú fọ́málìnì, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ihò á ṣí kúrò lára ẹran àárín, á sì fara jọ awọ tó ń wó. Èyí tó ń wó lóòótọ́ máa ń ní ẹran àárín tó ṣù jọ àti sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀. Èyí tó kàn bàjẹ́ nínú ìgò kì í ní wọn.

Ìlànà yìí ní òpin. Ní 2004, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà fi hàn pé kíka ọjọ́ lára awọ kò lè ya obìnrin tó ń bímọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò rí ọmọ bí. Nítorí náà, wíwọn projẹ́sítírónì nínú ẹ̀jẹ̀ la fi ń mọ̀ báyìí bóyá ẹyin jáde. Àrùn inú awọ náà la ṣì ń gé e fún, pàápàá ikọ́ ife tó ti dé ilé-ọmọ. Kókó tí àrùn yìí ń dá sílẹ̀ nínú ẹran, tó ní sẹ́ẹ̀lì ńlá oníkókó púpọ̀ nínú, nílò ọjọ́ kí ó tó hàn, nǹkan oṣù sì ń gbá ọ̀pọ̀ rẹ̀ dà nù ní oṣooṣù. Ọjọ́ díẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dé ló yẹ kí wọ́n gé e. Ẹni tó bá gé e ní ọjọ́ kẹjọ lè máà rí kókó kan níbẹ̀, kí àrùn náà sì wà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Síláìdì ilé ẹyin kan ní fọ́líkù mìlímítà 12 tí ẹyin kò hàn nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì gíránúlósà rẹ̀ wà pọ̀ dáadáa, kókó wọn kò súnkì. Ẹ sọ bóyá ó ti kú tàbí ó wà láàyè, kí ẹ sì fi ìṣirò ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn.

2. Oṣù obìnrin kan jẹ́ ọjọ́ 30. Wọ́n gé awọ rẹ̀ ní ọjọ́ 24. Omi kún ẹran àárín, oje wà nínú ihò, sẹ́ẹ̀lì tó yí iṣan ẹ̀jẹ̀ ká kò sì tíì wú. Ọjọ́ kelòó ni síláìdì kà, ǹjẹ́ ó bá káléńdà rẹ̀ mu?